Ẹ Má Gbóòórùn Àwo: Ìtọ́sọ́nà Lórí Ìpele Ààbò fún Ẹni Tó Ṣẹ̀ṣẹ̀ Ń Wọ Yàrá Kòkòrò Àìfojúrí

Ìwé yìí kò ní kọ́ yín bí a ṣe ń fọwọ́ tàbí bí a ṣe ń wọ ìbọ̀wọ́. Ẹ ti kọ́ ìyẹn kí ẹ tó dé ọ̀dọ̀ wa. Ohun tó mú wa kọ ọ́ ni pé nínú yàrá àyẹ̀wò kan tí mo ti ṣiṣẹ́ rí, ènìyàn mẹ́fà lo oògùn fún odindi ọjọ́ 21, nítorí pé akẹ́kọ̀ọ́ kan ṣí ìdérí àwo tí a gbin kòkòrò sí lórí tábìlì gbalasa, ó sì gbé e sí imú.

Àṣìṣe kan náà ni mo ń bá pàdé, láti Àjàṣẹ́ dé Kétu, títí dé Ṣábẹ̀ẹ́. Akẹ́kọ̀ọ́ á ka nọ́ńbà tó wà lára ilẹ̀kùn, yóò rí i pé ìpele ààbò 2 ni nínú mẹ́rin tó wà, á sì gbà pé gbogbo ohun tó bá ti wọlé síbẹ̀ ti di ti ìpele 2 títí tí yóò fi jáde. Ẹ gbọ́ mi dáadáa: irú kòkòrò náà, iṣẹ́ tí ẹ fẹ́ ṣe lórí rẹ̀, àti bí ó ti pọ̀ tó níwájú yín, ni wọ́n jọ ń sọ ìpele. Kòkòrò kan ṣoṣo lè wà ní ìpele 2 láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, kó sì ti di ti ìpele 3 ní Ọjọ́rú, láìkúrò nínú yàrá kan náà.

Ẹ jẹ́ kí n fi màlúù ṣàlàyé rẹ̀, nítorí màlúù ni ohun àyẹ̀wò ń ti ọ̀dọ̀ rẹ̀ wá jù lágbègbè wa. Ká ní darandaran kan ní ẹ̀bá Kétu rí i pé ọmọ ń bọ́ lára abo màlúù rẹ̀ nígbà tí oyún ti dàgbà. Wọ́n gbé ìgò méjì wá: wàrà tútù wà nínú ọ̀kan, ibi ọmọ tó bọ́ náà wà nínú èkejì. Àrùn burusẹ́là, àrùn ẹran ọ̀sìn tó ń ran ènìyàn, ni ó yẹ kí ọkàn yín kọ́kọ́ lọ sí.

Àpẹẹrẹ ìpele 1 ni ìwúkàrà tí a fi ń ṣe búrẹ́dì, àti irú Ẹṣẹrísíà kólì tí a ń lò fún ìdánrawò, tí kì í ṣe ẹni tí ara rẹ̀ dá ní nǹkan. Tábìlì lásán ti tó, pẹ̀lú ibi ìfọwọ́ àti ilẹ̀kùn tó ṣeé tì. Ibẹ̀ ni ọwọ́ yín ti máa mọ wáyà olórùka àti pìpẹ́ẹ̀tì. Ẹ má fi ẹnu fa pìpẹ́ẹ̀tì láé, ní ìpele 1 pàápàá, nítorí ohun tó bá ti mọ́ ọwọ́ lára níbẹ̀ ni yóò bá yín gòkè.

Ìgò wàrà náà, ìpele 2 ni. Ní ìpele yìí, àmì ewu gbọ́dọ̀ wà lára ilẹ̀kùn, ẹni tí kò níṣẹ́ níbẹ̀ kì í wọlé, ibi ìfọjú gbọ́dọ̀ wà, bẹ́ẹ̀ ni ọtokiláàfù gbọ́dọ̀ wà nítòsí. Ìṣe èyíkéyìí tó bá lè ta omi sókè, inú àpótí ààbò, èyí tó ń fa afẹ́fẹ́ wọ inú kó má bàa fẹ́ sí yín, ni a ti ń ṣe é. Salimonẹ́là àti ẹ̀jẹ̀ ẹni tó ní kòkòrò éèdì wà ní ìpele yìí. Àmọ́ ibi ọmọ tó wà nínú ìgò kejì, ìṣe ìpele 3 ni a fi ń fọwọ́ kàn án, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò tíì hù lórí àwo kankan. Màlúù kan náà ni, àrùn kan náà ni. Kòkòrò náà kàn pọ̀ yamùrá nínú ibi ni, ju bó ṣe wà nínú wàrà lọ. Ẹ má ṣí ìgò yẹn rárá. Ẹ dé e pa, ẹ fi sínú àpò méjì, ẹ kọ ohun tó jẹ́ sí i lára, kí ẹ sì pe ọ̀gá yín.

Ẹ tẹ̀lé mi lórí wàrà báyìí. Akẹ́kọ̀ọ́ náà gbìn ín sórí àwo ẹ̀jẹ̀ àti àwo Makọ́nkì nínú àpótí ààbò, bó ti yẹ. Ó gbé e sínú àpótí ooru ní ìwọ̀n 37, pẹ̀lú afẹ́fẹ́ kábọ́nì ìdá 5 sí 10 nínú ọgọ́rùn-ún. Lẹ́yìn wákàtí 24, kò sí nǹkan. Lẹ́yìn wákàtí 48, ó rí àwọn ẹ̀kán kékeré bí orí abẹ́rẹ́ lórí àwo ẹ̀jẹ̀, kò sì rí ohunkóhun lórí Makọ́nkì. Níbí gan-an ni ìpele ti yí padà. Wàrà ni ó gbìn; ohun tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ báyìí jẹ́ ọ̀kẹ́ àìmọye kòkòrò tí nǹkan mìíràn kò bò mọ́lẹ̀ mọ́. Gbogbo iṣẹ́ lórí burusẹ́là tó ti hù, ìpele 3 ni.

Ṣùgbọ́n kò mọ̀. Ó gbé àwo náà jáde sórí tábìlì, ó ṣí i, ó gbóòórùn rẹ̀, nítorí ẹnìkan ti sọ fún un pé òórùn máa ń júwe kòkòrò. Ó fi àrò Gíráàmù kùn ún, ó rí àwọn kòkòrò pupa kékeré tí wọ́n dà bí yanrìn kíkúnná. Ó ṣe àyẹ̀wò kátáléèsì lórí díńgí, ó hó yẹ́ẹ́. Híhó yẹn ń ta ìrì tí ojú kò rí sínú afẹ́fẹ́. Lẹ́yìn náà, ó pò ó mọ́ omi, ó gbọ̀n ọ́n, ó sì dà á sínú páálí àyẹ̀wò tó máa ń dárúkọ kòkòrò. Páálí náà dáhùn pé Mọrasẹ́là ni. Irọ́ ni. Páálí wọ̀nyẹn sábà máa ń ṣi burusẹ́là mú báyìí, ọ̀pọ̀ ènìyàn ló sì ti fara gbá a nítorí pé wọ́n gbà á gbọ́. Kòkòrò 10 sí 100 péré, bí ènìyàn bá fà á símú, ti tó láti gbé àrùn yìí wọlé sí i lára. Burusẹ́là wà lára àwọn àrùn tí òṣìṣẹ́ yàrá àyẹ̀wò ń kó jù lẹ́nu iṣẹ́ wọn.

Àwọn àmì tó yẹ kó dá yín dúró nìyí. Bí àwo bá ṣófo ní wákàtí 24, tí ohun kékeré sì yọ ní wákàtí 48 tàbí 72. Bí ẹ bá rí kòkòrò pupa kékeré tí kò gba àrò dáadáa. Bí Makọ́nkì kò bá hù. Tí àyẹ̀wò ọ́síídéèsì àti yúríìsì sì dáhùn, ẹ dúró níbẹ̀. Ẹ má dà á sínú páálí. Ẹ lẹ ìdérí àwo náà pa yíká, ẹ kọ «ó ṣeé ṣe kó jẹ́ burusẹ́là» sí i, ẹ tì í sínú fírígò tó ní kọ́kọ́rọ́, kí ẹ sì jẹ́ kí ọ̀gá yín ṣètò bí yóò ṣe dé yàrá ìpele 3. Kí àmì wọ̀nyí tó pé pàápàá, àwo tí ẹ kò bá tíì mọ orúkọ ohun tó wà nínú rẹ̀, inú àpótí ààbò ni ẹ ti ń ṣí i. Kò sí èyí tí a yọ sílẹ̀.

Ẹ béèrè pé kí ni yàrá ìpele 3 ní tí tiyín kò ní? Ilẹ̀kùn méjì ni a ń gbà wọ ibẹ̀, wọ́n tẹ̀ lé ara wọn, wọ́n sì ń ti ara wọn. Ẹ̀rọ ń fa afẹ́fẹ́ wọlé láti ọ̀nà ìta, kò jẹ́ kí afẹ́fẹ́ inú ṣẹ́rí jáde. Gbogbo iṣẹ́ lórí kòkòrò wà nínú àpótí ààbò, ìdọ̀tí gbogbo sì gbọ́dọ̀ kú kó tó kúrò níbẹ̀. Ibẹ̀ ni a ti ń ṣe kòkòrò ikọ́ ẹ̀gbẹ tó ti hù. Fífi ìbòmú kún iṣẹ́ orí tábìlì kò sọ yàrá yín di ìpele 3, bó ti wù kí ìbòmú náà wọ́n tó.

Ìpele 4 kò kan akẹ́kọ̀ọ́. Àwọn kòkòrò bíi ti Ẹ́bólà àti ibà Lásà ló wà níbẹ̀, aṣọ tó ní afẹ́fẹ́ tirẹ̀ ni òṣìṣẹ́ ń wọ̀, omi oògùn sì ni wọ́n fi ń wẹ̀ ẹ́ nínú aṣọ náà kó tó bọ́ ọ. Ibà Lásà ṣẹlẹ̀ ní orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀ tiwa ní 2014 àti 2016, nítorí náà, bí wọ́n bá gbé ẹ̀jẹ̀ ẹni tí wọ́n fura sí wá, ẹ má fọwọ́ kàn án, ẹ pe ọ̀gá.

Ọ̀rọ̀ kan kù lórí àpótí ààbò, torí èyí ń bí mi nínú. Oríṣi àpótí méjì ló jọra lójú. Àpótí ààbò ń fa afẹ́fẹ́ wọ inú láti iwájú yín, ó sì ń sẹ́ ẹ kó tó tú u jáde. Àpótí afẹ́fẹ́ mímọ́ ń fẹ́ afẹ́fẹ́ lu ojú yín. Ohun tó wà nínú àwo ni ó ń dáàbò bò, kì í ṣe ẹ̀yin. Mo ti bá akẹ́kọ̀ọ́ tó ń ṣí àwo aláìmọ̀ níwájú èkejì yìí, tó sì rò pé ààbò ni òun wà. Ẹ gé ìwé ìnumú tẹ́ẹ́rẹ́ kan, ẹ dì í mú lẹ́nu àpótí nígbà tó bá ń ṣiṣẹ́. Bó bá fà sínú, ẹ lè lọ béèrè ìwé àyẹ̀wò rẹ̀ ti ọdún yìí. Bó bá fẹ́ sí yín, ẹ kúrò níwájú rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí àpótí ààbò ṣiṣẹ́ fún ìṣẹ́jú 5 kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ máa ṣiṣẹ́ ní sẹ̀ǹtímítà 10 sí inú, kọjá àwọn ihò iwájú, ẹ má gbé ìwé àkọsílẹ̀ lé ihò wọ̀nyẹn, ẹ má sì tan iná sínú rẹ̀, torí ooru iná ń da ìṣàn afẹ́fẹ́ rú.

Bí ohun tó ti hù bá dà sílẹ̀ lóde àpótí, kí gbogbo ènìyàn jáde, ẹ ti ilẹ̀kùn, ẹ dúró fún ìṣẹ́jú 30 kí ìrì náà tó balẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ̀yin tí ọ̀gá bá yàn ló máa fi jáfẹ̀lì bò ó. Ẹ wo nọ́ńbà ìwọ̀n tó wà lára ìgò. Jáfẹ̀lì ìwọ̀n 8, ife kan sí ife omi 4. Jáfẹ̀lì ìwọ̀n 12, ife kan sí ife omi 6. Ẹ pò ó lójúmọ́. Èyí tó ti wà nílẹ̀ láti àná kò ṣeé gbẹ́kẹ̀ lé mọ́.

Nípa àwọn ènìyàn mẹ́fà tí mo sọ: gbogbo ẹni tó wà láàárín mítà kan ààbọ̀ sí àwo tí wọ́n ṣí lórí tábìlì, àti gbogbo ẹni tó wà nínú yàrá nígbà tí nǹkan ń ta ìrì, ni a kà mọ́ ọn. Dókítà kọ dọkisisáíkílìnì mílígíráàmù 100 fún wọn lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́, àti rífáńpísínì mílígíráàmù 600 lẹ́ẹ̀kan lójúmọ́, fún ọjọ́ 21. Wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ wọn wò lọ́jọ́ tí wọ́n mọ̀, lẹ́yìn náà ní ọ̀sẹ̀ 6, 12, 18 àti 24. Dókítà nìkan ló ń pín oògùn yìí, nítorí kì í ṣe gbogbo ènìyàn ló lè lò ó, pàápàá aláboyún.

Ibà burusẹ́là jọ ibà ẹ̀fọn: ó ń lọ, ó ń bọ̀, òógùn òru, oríkèé dídùn. Ó lè gba ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́rin kó tó farahàn, nígbà mìíràn ó ju bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ ó sì ti gbàgbé àwo náà. Nítorí náà, bí ibà bá mú yín láàárín oṣù mẹ́fà tí ẹ wà nínú yàrá wa, kí ẹ tó ra oògùn ibà lọ́wọ́ ẹni tó ń ta oògùn, ẹ lọ bá dókítà, kí ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tó máa ti ẹnu yín jáde sì jẹ́: «Yàrá kòkòrò ni mo ti ń ṣiṣẹ́.»