Àwọ̀ Kọ́ Ni Ìran: Ìbéèrè àti Ìdáhùn Lórí Fọ́tò Ajá Àdàlù

"Ọmọ ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni. Irú ajá wo ló máa jẹ́?"

Ẹ dúró kí ó pé oṣù mẹ́fà kí ẹ tó fi fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi.

"Nínú fọ́tò, ẹnu rẹ̀ gùn bí ti ọ̀nì. Irú ajá wo nìyẹn?"

Ẹ ti gbé fóònù sún mọ́ ọn jù. Ohun tí ó bá súnmọ́ ojú kámẹ́rà máa ń tóbi ju bí ó ti yẹ lọ. Ẹ sún sẹ́yìn tó mítà 2, kí ẹ lóṣòó títí fóònù yóò fi wà ní ìbámu pẹ̀lú ojú ajá náà, kí ẹ sì yà á láti ẹ̀gbẹ́ nígbà tí ó bá dúró lórí ilẹ̀ gbalasa. Ẹ pe orúkọ rẹ̀ kí ẹ tó yà á, nítorí ajá tí ẹ̀rù ń bà máa ń ká etí sẹ́yìn, èmi a sì rò pé etí tí ó wó ni.

"Etí ọ̀tún dúró, ti òsì wó. Ṣé ìran ajá Aluséṣàn wà lára rẹ̀?"

Etí ajá ọdẹ tiwa náà máa ń dúró ṣánṣán, kò sì sí Aluséṣàn kankan nínú rẹ̀. Bí ó bá ń pààrọ̀ eyín lọ́wọ́, ẹ fi í sílẹ̀, etí náà lè tún yí padà.

"Ó dúdú, ó ní àmì pupa méjì lókè ojú, ẹsẹ̀ rẹ̀ náà pupa. Ẹni tí ó tà á sọ pé Rọ́tíwálà, ajá ńlá ilẹ̀ Jámánì, ni. Ṣé òótọ́ ni?"

Ìbéèrè yìí ni mo ti dáhùn jù, òun náà sì ni ó ti dójú tì mí rí. Aládùúgbò mi kan ní Ìsọ̀kún, ní Iléṣà, fi fọ́tò ọmọ ajá méjì hàn mí, tí ó rà lọ́wọ́ ẹni méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Ọ̀kan dúdú pẹ̀lú àmì pupa lókè ojú, ìkejì pupa bí erùpẹ̀ ọ̀nà oko, ẹnu rẹ̀ nìkan ni ó dúdú. Mo sọ láìfọ̀rọ̀ falẹ̀ pé dúdú ni Rọ́tíwálà, pé pupa kò ju ajá ìbílẹ̀ lọ.

Nígbà tí wọ́n pé ọdún kan, èyí dúdú wọn kílò 16, orí rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́, ẹnu rẹ̀ ṣe ṣóńṣó, ìrù rẹ̀ sì ká sórí ẹ̀yìn bí òrùka. Èyí pupa wọn kílò 34, àyà rẹ̀ gbòòrò, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ kún, etí rẹ̀ méjèèjì sì wó sí ẹ̀gbẹ́ orí. Akọ Rọ́tíwálà gidi sábà máa ń wọn kílò 50 sí 60, nítorí náà èyí pupa wà láàárín bàbá tí ó tóbi àti ìyá tí ó kéré. A wá àwọn tí ó tà wọ́n rí. Ajá ọdẹ ni bàbá àti ìyá èyí dúdú. Bàbá èyí pupa sì ni Rọ́tíwálà kan tí wọ́n so mọ́ ẹ̀yìn ilé ní Ilé-Ifẹ̀, tí mo fi ojú ara mi rí.

Ìdí rẹ̀ ni pé dúdú alámì pupa yìí jẹ́ àwọ̀ tí ó máa ń fara pamọ́. Ọmọ gbọ́dọ̀ gbà á lọ́wọ́ bàbá àti lọ́wọ́ ìyá kí ó tó hàn. Bí Rọ́tíwálà bá gun abo ajá pupa tí kò ní in lára, gbogbo ọmọ lè jáde ní pupa. Ajá ìbílẹ̀ méjì tí ó gbé e pamọ́ sì lè bí ọmọ dúdú tí ó jọ Rọ́tíwálà pátápátá ní ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ. Láti ìgbà náà, mo máa ń fi ọwọ́ bo àwọ̀ nínú ọkàn mi: ìbú orí láàárín etí méjèèjì ni mo ń wò ṣáájú, kí n tó wo bí ẹnu ti nípọn tó nídìí, àyà, ìrù, àti ìwọ̀n ara bí wọ́n bá lè fún mi.

"Lásà, ajá kékeré onírun gígùn, ni ìyá rẹ̀, mo mọ̀ dájú, ṣùgbọ́n irun rẹ̀ kúrú. Ṣé wọ́n rẹ́ mi jẹ ni?"

Ó ṣeé ṣe kí wọ́n má rẹ́ yín jẹ. Irun kúkúrú ni ó máa ń borí irun gígùn nínú ọmọ àdàlù ìran àkọ́kọ́. Ẹ wo ẹnu rẹ̀ àti òkè ojú rẹ̀: bí irungbọ̀n àti irun ìpéǹpéjú gánrangànran bá wà níbẹ̀, Lásà ti fi ọwọ́ kàn án.

"Ṣé kò sí ẹni tí ó lè sọ ọ́ dájú láti inú fọ́tò?"

Kò sí, èmi náà kò sì yàtọ̀. Ní ọdún 2009, dókítà ẹranko Victoria Voith àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní California fi ohun tí àwọn ilé ìtọ́jú ajá kọ nípa ajá 20 wé àyẹ̀wò DNA. Ọ̀pọ̀ ni kò bára mu. Àyẹ̀wò DNA ni ọ̀nà tí ó kù: òwú ni wọ́n máa ń fi nu inú ẹ̀rẹ̀kẹ́ ajá. Ẹ má jẹ́ kí ó jẹun tàbí kí ó bá ajá mìíràn fẹnu kọ́nu kí wọ́n tó fi òwú náà nu ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀. Ẹ fi sọ́kàn pé ajá tí àwọn tó ń ṣe àyẹ̀wò náà ti kọ sínú ìwé wọn nìkan ni wọ́n lè fi wé. Bí ajá ilé wa kò bá sí níbẹ̀, wọ́n lè fi orúkọ ajá ilẹ̀ òkèèrè kan dí àlàfo náà.