Bí A Ṣe Ń Pinnu Ínfọ́ìsì Tó Yẹ Kí Èèyàn Tún Wò

Ẹ̀ka àkáǹtì tí ínfọ́ìsì 400 ń wọlé fún lọ́sẹ̀ kan kì í fẹ́ fi ọwọ́ tẹ gbogbo rẹ̀ mọ́. Wọ́n á ya fọ́tò ìwé náà, sọ́fítíwià á wò ó, á sì fa orúkọ ẹni tó tajà, déètì, nọ́ńbà ínfọ́ìsì àti àròpọ̀ owó yọ. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ohun kọ̀ọ̀kan tó bá fà yọ, ó máa ń kọ nọ́ńbà kékeré kan tó ń sọ bí ọkàn rẹ̀ ṣe balẹ̀ tó lórí ohun tó kà. Azure Document Intelligence ń kọ ọ́ láti 0 dé 1, Amazon Textract ń kọ ọ́ láti 0 dé 100. Màá máa pè é ní máàkì ìdánilójú. Ibi tí ẹ bá gé e sí ni ààlà: ohun tó bá dé ààlà tàbí tó kọjá rẹ̀ á bọ́ sínú ìwé owó tààrà, èyí tí kò bá dé ibẹ̀ á dúró de èèyàn.

Ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń kàn fi 0.8 sí i torí pé ó jọ máàkì tó dáa. Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Máàkì 0.8 kò fi dandan túmọ̀ sí pé 80 nínú 100 ló tọ̀nà. Lórí ínfọ́ìsì tí wọ́n tẹ̀ jáde láti inú kọ̀ǹpútà, ó lè dáa ju bẹ́ẹ̀ lọ. Lórí èyí tí wọ́n fi bírò kọ, tó jẹ́ ẹ̀dà kábọ́ọ̀nù tó ti ń ṣá, ó lè máà tó bẹ́ẹ̀ rárá. Ìwé tiyín gan-an ló máa sọ ibi tí ààlà yóò wà.

Nítorí náà, ẹ kọ́kọ́ kó ínfọ́ìsì 200 jọ nínú àwọn tí ẹ ti san owó wọn. Ẹ má ṣa èyí tó mọ́ nìkan. Ẹ jẹ́ kí ti oníbírò àti èyí tí awakọ̀ fi fóònù yà nínú ọkọ̀ wà níbẹ̀, bí wọ́n ṣe ń wọlé gan-an. Kí ẹni méjì ka àròpọ̀ owó lójú ìwé náà lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, kí ẹ tó gbà pé òun ni owó tòótọ́. Ẹ má gbára lé ohun tó wà nínú ìwé owó àtijọ́, torí àṣìṣe ọwọ́ wà níbẹ̀ náà.

Lẹ́yìn náà, ẹ jẹ́ kí sọ́fítíwià ka gbogbo 200, kí ẹ sì to èsì rẹ̀ sínú Excel. Nọ́ńbà ínfọ́ìsì á wà ní A, owó tí sọ́fítíwià kà á wà ní B, máàkì ìdánilójú ní C, owó tòótọ́ ní D. Ní E, ẹ kọ ìlà àkọ́kọ́ yìí, kí ẹ sì fà á dé ìsàlẹ̀. 1 ni àṣìṣe. Ìlà kejì ń ka iye tó máa dúró de èèyàn tí ààlà bá jẹ́ 0.9, ìkẹta ń ka àṣìṣe tó máa yọ́ kọjá.

```
=IF(B2=D2,0,1)
=COUNTIF(C2:C201,"<0.9")
=COUNTIFS(C2:C201,">=0.9",E2:E201,1)
```

Ẹ wá máa pààrọ̀ 0.9 yẹn, kí ẹ sì máa wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀. Ẹ jẹ́ ká fi àpẹẹrẹ kan ṣe é. Ká ní àṣìṣe 16 ló wà nínú 200 náà. Ní ààlà 0.8, ínfọ́ìsì 16 ló dúró, àṣìṣe 9 ló há sínú wọn, 7 sì yọ́ kọjá. Ní 0.9, ínfọ́ìsì 38 ló dúró, àṣìṣe 14 há, 2 kọjá. Ní 0.95, ínfọ́ìsì 72 ló dúró, ẹyọ àṣìṣe kan péré ló sì kù tó kọjá. Tí 400 bá ń wọlé lọ́sẹ̀, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan sì ń gba ìṣẹ́jú méjì lọ́wọ́ ẹni tó ń yẹ̀ ẹ́ wò, 0.9 á gba nǹkan bíi wákàtí méjì ààbọ̀, 0.95 á sì fẹ́rẹ̀ẹ́ gba wákàtí márùn-ún. Ẹ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ sọ iṣẹ́ di ìlọ́po méjì láti rí ẹyọ àṣìṣe kan sí i nínú 200. Èmi á mú 0.9, màá sì wá ọ̀nà mìíràn mú àwọn méjì tó yọ́ kọjá.

Ẹ fa ìwé méjèèjì yẹn jáde, kí ẹ tẹjú mọ́ wọn, torí àwọn ló ní ẹ̀kọ́ jù. Ká ní máàkì àkọ́kọ́ jẹ́ 0.97. Sọ́fítíwià kọ ₦400,000, àmọ́ ₦430,000 ni owó tó yẹ ká san. Kò ṣi nọ́ńbà kà rárá. Owó ọjà, kí wọ́n tó fi VAT kún un, ló kà, ó sì kà á ketekete. Ìdí nìyẹn tí ọkàn rẹ̀ fi balẹ̀. Máàkì ìdánilójú ń sọ bóyá ohun tó kà hàn kedere, ṣùgbọ́n ìlà mìíràn náà lè hàn kedere. Kò sí ààlà tó lè mú irú èyí. Ìṣirò ló lè mú un: owó ọjà pẹ̀lú VAT, tó jẹ́ 7.5% ní Nàìjíríà láti oṣù kejì ọdún 2020, gbọ́dọ̀ bá àròpọ̀ mu. 400,000 pẹ̀lú 30,000 kì í ṣe 400,000, nítorí náà kí ìwé náà dúró, ohun yòówù kí máàkì rẹ̀ jẹ́.

Ká ní ìkejì jẹ́ 0.93, bírò ni wọ́n fi kọ ọ́, 61,500 wá di 67,500. Kò sí VAT lórí rẹ̀ tí ìṣirò lè fi mú un. Ìwé tí ẹ fi ra ọjà náà ló máa tú u fó, tí ẹ bá ní kí kọ̀ǹpútà fi owó méjèèjì wéra. Ọjà tí kò ní ìwé bẹ́ẹ̀, tí kò sì ní VAT, ẹ jẹ́ kí gbogbo rẹ̀ lọ bá èèyàn.

Ààlà kan kò lè ṣiṣẹ́ fún gbogbo nǹkan tó wà lórí ínfọ́ìsì. Àpèjúwe ọjà lè kọjá ní 0.7 láìsí ewu. Ní ti nọ́ńbà àkáǹtì báǹkì, ẹ má fún un ní ààlà kankan: kí nọ́ńbà mẹ́wẹ̀ẹ̀wá bá èyí tó wà nínú àkọsílẹ̀ yín mu, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ kó dúró. Nọ́ńbà tí oníjìbìtì tẹ̀ sórí ínfọ́ìsì lè mọ́ lójú kọ̀ǹpútà ju ti ẹni tó ń ṣòótọ́ lọ.

Ẹ tún kíyè sí i pé ààlà máa ń dì papọ̀. Tí ẹ bá ń wo ohun márùn-ún, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń dá 10 dúró nínú 100, tí èyí tí ọ̀kan dá dúró kò sì ní nǹkan kan ṣe pẹ̀lú èyí tí òmíràn dá dúró, bíi ínfọ́ìsì 59 péré nínú 100 ló máa kọjá lódindi. Ẹ jẹ́ kí ohun tó ń ṣiyèméjì nìkan lọ síwájú èèyàn, kì í ṣe gbogbo ìwé.

Ohun tó kù ni bí ẹni tó ń yẹ̀ ẹ́ wò yóò ṣe rí i. Níbi iṣẹ́ kan tí mo ti ṣe é, ìwé tó yẹ kó gba gbogbo àárọ̀ parí láàárín ìdajì wákàtí. Mo bi arábìnrin tó wà nídìí rẹ̀ bó ṣe ṣe é. Ó ní, “Ọ̀gá mi, nọ́ńbà ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, mo kàn ń tẹ bẹ́ẹ̀ni ni.” Ẹ̀bi wa ni, àwa tí a to ojú ìwé náà bẹ́ẹ̀. A yọ nọ́ńbà kúrò, a fi àwòrán ibi tí owó wà nìkan síbẹ̀, òun fúnra rẹ̀ ló wá ń tẹ ohun tó rí. Kọ̀ǹpútà ló ń fi í wé ti sọ́fítíwià. Ó pẹ́ sí i díẹ̀, àmọ́ àṣìṣe bẹ̀rẹ̀ sí í jáde lọ́jọ́ kìíní.

Lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀, ẹ mú ẹyọ kan nínú ogún lára àwọn tó kọjá láìdúró, láìṣà, kí èèyàn kà á bákan náà. Tí àṣìṣe inú rẹ̀ bá ju ohun tí 200 yẹn fi hàn lọ fún ọ̀sẹ̀ méjì léraléra, tàbí tí sọ́fítíwià bá gba ẹ̀dà tuntun, ẹ kó ínfọ́ìsì 200 mìíràn jọ, kí ẹ sì tún Excel náà ṣe.