Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ nínú ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù kékeré: ẹni tó ń gbowó ló tún ń kọ ìwé owó

Ẹgbẹ́ tí kò ní ju alága, akápò àti akọ̀wé lọ sábà máa ń sọ pé àwọn ò pọ̀ tó láti pín iṣẹ́. Akọ̀wé á gbowó, á já risíìtì, á kọ ọ́ sínú lẹ́jà, á gbé e lọ sí báńkì. Bí oṣù bá parí, òun náà ló tún máa fi lẹ́jà wé àkọsílẹ̀ báńkì. Kò sí àṣìṣe tó burú tó èyí, torí pé ìwé lè bára mu délẹ̀ kí owó má sì pé.

Ẹ jẹ́ ká wò ó báyìí. Ní ọjọ́ Ajé, ìyá aláṣọ san 40,000 náírà. Akọ̀wé já risíìtì fún un, ó ná owó náà, kò sì kọ ọ́ sínú lẹ́jà. Ní Ọjọ́rú, bàbá onípákó san 60,000. Akọ̀wé gbé 60,000 lọ sí báńkì, ṣùgbọ́n ó kọ 40,000 sí orúkọ ìyá aláṣọ, ó wá kọ 20,000 péré sí orúkọ bàbá. Owó ẹni tó bá tún san ni yóò fi dí ti bàbá. Kò sẹ́ni tó máa pariwo, torí owó kálukú ń hàn nígbẹ̀yìn. Lẹ́jà àti báńkì náà ò ní takora, nítorí 60,000 ló wọ méjèèjì.

Ibi tí àṣírí ti ń tú ni ara risíìtì: ọjọ́ Ajé ló wà lórí èyí tó wà lọ́wọ́ ìyá aláṣọ, Ọjọ́rú ló wà nínú lẹ́jà. Nítorí náà, ẹ má fi lẹ́jà wé báńkì nìkan. Lóṣooṣù, ẹ gba risíìtì lọ́wọ́ ọmọ ẹgbẹ́ bíi mẹ́wàá, kí ẹ yẹ ọjọ́ àti iye wò. Akọ̀wé kọ́ ni kó yan àwọn mẹ́wàá náà.

Èèyàn mẹ́ta tó láti pín in. Kí akápò máa gbowó, kó máa já risíìtì oní-nọ́ńbà, kó sì gbé owó dé báńkì kó tó di ọjọ́ kejì. Kí akọ̀wé máa fi ẹ̀dà risíìtì kọ lẹ́jà, láì fọwọ́ kan owó rárá. Alága ni kó ṣe ìfiwéra, kí báńkì sì fi àkọsílẹ̀ ránṣẹ́ sí ímeèlì tirẹ̀ tààrà, nítorí èyí tí akọ̀wé bá tẹ̀ jáde ṣeé tún ṣe lórí kọ̀ǹpútà. Ìdìpọ̀ risíìtì tí a kò tíì lò, ọ̀dọ̀ alága ni kó wà.

Àṣìṣe kejì ni kí alága ti fọwọ́ sí sọ̀wédowó òfìfo sílẹ̀ nítorí ìrìn àjò, tàbí kó fi nọ́ńbà ìkọ̀kọ̀ rẹ̀ fún akápò. Àdéhùn pé èèyàn méjì ló gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i ti di ti ẹnì kan nìyẹn. Ẹ forúkọ èèyàn mẹ́ta sílẹ̀ ní báńkì, kí èyíkéyìí méjì nínú wọn lè fọwọ́ sí i.

Bí akápò àti akọ̀wé bá jẹ́ tọkọtaya tàbí ọmọ ìyá, orí ìwé lásán ni ìpín náà wà. Ẹ yan ọmọ ẹgbẹ́ mìíràn rọ́pò ọ̀kan nínú wọn.