Tábìlì ICE: ibi tí 2x ti ń dójú tini

Ẹ jẹ́ ká mú N2O4, gáàsì tí kò ní àwọ̀, tó máa ń pín di NO2 aláwọ̀ búráùn. Mólù 0.200 rẹ̀ wà nínú fúláàsìkì lítà méjì ní 25°C, K, nọ́ńbà ìwọ̀ntúnwọ̀nsì rẹ̀, sì jẹ́ 0.00461. A fẹ́ mọ bí ọ̀kọ̀ọ̀kan yóò ṣe pọ̀ tó nígbà tí wọ́n bá dé ìwọ̀ntúnwọ̀nsì.

Kọ́kọ́ fi lítà pín mólù: 0.200 ÷ 2.00 = 0.100. Má fo èyí o. Lẹ́yìn náà, fi rúlà fa ìlà mẹ́ta. Pẹ́ńsùlù ni kó o lò, torí wàá parẹ́. I ni ìbẹ̀rẹ̀, C ni ìyípadà, E ni ìwọ̀ntúnwọ̀nsì.

```
     N2O4        2NO2
I    0.100       0
C    -x          +2x
E    0.100 - x   2x
```

Ìlà C yìí ló ń kó ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ sí wàhálà. Ẹyọ N2O4 kan tó bá lọ, NO2 méjì ló ń dé, ìdí nìyẹn tí 2 fi wà níwájú x. Ìlà C nìkan ni 2 yẹn ti ń ṣiṣẹ́ nínú tábìlì. Má fi sọ ohun tó wà ní ìlà I di púpọ̀.

Ṣùgbọ́n iṣẹ́ rẹ̀ ò tíì tán. K = [NO2]²/[N2O4], nítorí náà 2 kan náà tún padà wá gẹ́gẹ́ bí agbára. Àwọn kan á ní, “Mo ti lò ó tẹ́lẹ̀,” wọ́n á sì gbàgbé agbára náà pátápátá. Àwọn mìíràn á kọ 2x². Èmi kì í kọ ọ́ láìsí àkámọ́: (2x)², tó jẹ́ 4x².

4x²/(0.100 − x) = 0.00461

Ọ̀nà àbùjá wà: ṣe bí ẹni pé x kéré, kó o fi 0.100 sílẹ̀ nísàlẹ̀ bẹ́ẹ̀. x á jẹ́ 0.0107. Ìyẹn ju ìdá 10 nínú ọgọ́rùn-ún 0.100 lọ, èmi kì í sì í gbà ju 5 lọ. Àbùjá já sófo nìyẹn, kuadirátíìkì ló kù:

4x² + 0.00461x − 0.000461 = 0

Kò dìgbà tó o bá ra kakulétọ̀ olówó ńlá. Èyí tó bá ti ní bọ́tìnnì √ ti tó. x jáde ní 0.01017 àti −0.0113. Ju èkejì nù, torí NO2 kò lè dín ju òdo lọ. N2O4 wá jẹ́ 0.0898, NO2 sì jẹ́ 0.02035, mólù nínú lítà kọ̀ọ̀kan.

Dá wọn padà sínú K: 0.02035² ÷ 0.0898 fún wa ní 0.00461. Bó o bá rí 0.00922 níbẹ̀, ìlọ́po méjì gan-an, má wá àṣìṣe lọ síbòmíràn: 2x² lo kọ.