Bí A Ṣe Ń Tún Àwọ̀ Ara Ṣe Nínú Fọ́tò Láì Bó Ènìyàn Lára

Ẹ̀yin tó ń ya fọ́tò ìgbéyàwó l'Ábújá á mọ irú gbọ̀ngàn yìí: fèrèsé gíláàsì ńlá, oòrùn ọ̀sán lóde, ìyá ìyàwó wọ léèsì funfun, ó kẹ̀yìn sí fèrèsé. Fèrèsé ni kámẹ́rà rí, ó bá dín ìmọ́lẹ̀ kù, ojú màmá sì ṣókùnkùn.

Snapseed, áàpù tí a fi ń tún fọ́tò ṣe lórí fóònù, ni mo máa ń lò, ọ̀fẹ́ ni. Ojúlówó fọ́tò ni kí ẹ gbà, kì í ṣe èyí tí wọ́n fi ránṣẹ́ lásán lórí Wọ́ọ̀sáàpù, torí ìyẹn ti pàdánù púpọ̀. Ẹ pa iná alẹ́ tó ń sọ ojú fóònù di pupa rúsúrúsú, kí ẹ sì kọ́kọ́ fi White Balance mú kí léèsì náà funfun bó ṣe yẹ.

Ó wá ku ibi tí wọ́n ti máa ń bà á jẹ́. Ẹ ṣí Selective, ẹ tẹ ẹ̀rẹ̀kẹ́ màmá, ẹ fi ìka méjì fún àyíká rẹ̀ pọ̀ kó má kọjá ojú. Ẹ wá gbé Brightness sókè díẹ̀díẹ̀, kó má ju 30 lọ. Ọ̀pọ̀ ló ń gbé e títí ojú á fi fẹ́ bá léèsì dọ́gba. Ìmọ́lẹ̀ tí ẹ fi kún ibi tó ṣókùnkùn kì í mú àwọ̀ wá pẹ̀lú ara rẹ̀. Ojú á rí bí eérú. Nítorí náà, lójú kan náà yẹn, ẹ fi bíi 10 kún Contrast, kí ẹ fi díẹ̀ kún Saturation.

Ẹ wo dídán iwájú orí àti ti egungun ẹ̀rẹ̀kẹ́, àti òjìji abẹ́ àgbọ̀n. Bí wọ́n bá ti parẹ́, ẹ ti ṣe é jù, ẹ padà sẹ́yìn. Ara dúdú ń dán, dídán yẹn wà lára ẹwà rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ fi àmì Selective mìíràn sí ọrùn, etí àti ọwọ́. Ojú tó mọ́ lórí ọrùn dúdú, ẹni tó ń bóra ni ẹ sọ màmá dà. Bí fọ́tò rẹ̀ kan bá wà tí wọ́n yà lábẹ́ ibòji igi, ẹ gbé méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Ìyẹn ni ẹ̀rí tí mo gbára lé jù. Èmi kì í fọwọ́ kan àwọn fílítà tó ń mú kí ojú jọ̀lọ̀ rárá.

Bó bá jẹ́ fíláàṣì ló jẹ́ kí ojú funfun jù, ẹ lọ sí Tune Image, ẹ dín Highlights kù, kí ẹ wá fi Selective dín Brightness níbi tó mọ́ jù. Ṣùgbọ́n ẹ fa iwájú orí náà súnmọ́ra wò. Bó bá jẹ́ funfun gbalaja, tí kò sí ìlà awọ kankan níbẹ̀ mọ́, kò sí ohun tí ẹ lè dá padà. Ẹ máa kàn sọ ọ́ di àbàwọ́n eérú ni. Ẹ lo èyí tí ẹ yà ṣáájú rẹ̀ tàbí èyí tó tẹ̀ lé e.