Bí a ṣe ń kọ ímeèlì sí àlejò nígbà tí yàrá wa ti kún

Ká ní ilé ìtura kékeré kan lẹ ń bójú tó ní Tańkẹ́, ní Ìlọrin. Àwọn tó ń bọ̀ wá síbi ìgbéyàwó kan ti gba gbogbo yàrá yín láti Jímọ̀ 16 sí Àìkú 18 oṣù Kẹwàá 2026. Ọ̀sẹ̀ díẹ̀ ṣáájú, ímeèlì kan wọlé láti Ìbàdàn: bàbá kan fẹ́ yàrá méjì fún òru Jímọ̀ àti òru Sátidé yẹn gan-an. Ó ní òun, ìyàwó òun àti ọmọ mẹ́ta fẹ́ lọ wo ère òkúta ilé ọnà Èsìẹ́, kí àwọn sì tún dé ibi tí omi Òwu ti ń dà wálẹ̀ láti orí àpáta ní Ọ̀wá Kájọlà.

Kí ẹ tó tẹ ọ̀rọ̀ kankan, ẹ tún ímeèlì rẹ̀ kà, kí ẹ wá ìdáhùn sí ìbéèrè kan: ṣé ọjọ́ rẹ̀ ṣeé sún? Ohun tó gbé e wá ló máa sọ fún yín. Òbí tó ń bọ̀ wá síbi tí ọmọ rẹ̀ ti fẹ́ gboyè jáde ní Yunifásítì Ìlọrin kò lè ní kí wọ́n sún ayẹyẹ síwájú nítorí yàrá yín. Bí ẹ bá to ọjọ́ mìíràn sílẹ̀ fún irú ẹni bẹ́ẹ̀, inú lásán ni yóò bí i. Ibòmíì tó súnmọ́ ló ń wá, ìyẹn ló sì yẹ kó ṣáájú nínú lẹ́tà. Bàbá tiwa yìí ń gbafẹ́ ni. Òkúta Èsìẹ́ kò lọ síbì kan. Ọjọ́ la máa kọ́kọ́ fi lọ̀ ọ́, ibòmíì á tẹ̀ lé e. Bí ẹni náà kò bá sọ ohun tó ń bọ̀ wá ṣe, ẹ kọ méjèèjì, kí ẹ sì bi í léèrè.

Ohun tó kàn ni kí ẹ ṣí ìwé tí ẹ fi ń gba yàrá sílẹ̀. Ọjọ́ méjì tó ṣófo tó; bí ẹ bá kọ márùn-ún, ẹ ti gbé iṣẹ́ yín lé àlejò lọ́wọ́. Ẹ rí i pé ọjọ́ náà bá ìrìn àjò rẹ̀ mu. Yàrá lè pọ̀ nílẹ̀ ní oṣù Kejì, ṣùgbọ́n nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, omi Òwu máa ń fà. Ẹni tó kó ọmọ wá láti Ìbàdàn wá wo omi tó ti gbẹ kù díẹ̀ kò ní gbàgbé ẹni tó júwe ọjọ́ fún un. Nítorí náà, ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú, 9 sí 11 oṣù Kẹwàá, àti èyí tó tẹ̀ lé e, 23 sí 25, ló dáa jù. Bí yàrá kan ṣoṣo ló ṣófo nínú ọ̀kan nínú wọn, ẹ sọ bẹ́ẹ̀. Ẹni márùn-ún ni wọ́n.

Ní ti ibòmíì, ẹ gbé fóònù kí ẹ tó gbé ọwọ́ sí kọ̀ǹpútà. Ìgbéyàwó tó kún ilé yín lè ti kún ilé aládùúgbò yín náà, kò sì sí ohun tó ń dun àlejò tó kí wọ́n lé e lẹ́ẹ̀kejì. Ẹ bi wọ́n bóyá yàrá méjì wà lóòótọ́, iye tí wọ́n ń gbà lóru kan, àti ẹni tí àlejò máa béèrè. Ẹ má sì rò pé ìtòsí yín nìkan ni ìtòsí. Ẹni tó ń lọ sí Èsìẹ́ máa gba Àjàṣẹ́-Ìpo kọjá lọ sí ọ̀nà Òmù-Àrán ni. Bó bá sùn ní Òmù-Àrán, ó ti súnmọ́ Èsìẹ́ ju bó ṣe máa súnmọ́ ọn ní Tańkẹ́ lọ. Ó lè dùn yín pé owó náà fò yín dá, àmọ́ òótọ́ nìyẹn.

Ìkìlọ̀ kan rèé: ẹ má fi orúkọ àti nọ́ńbà fóònù àlejò ránṣẹ́ sí ilé ìtura kejì láì jẹ́ pé òun fúnra rẹ̀ gbà bẹ́ẹ̀. Òfin ìdáàbòbò ìsọfúnni ara ẹni ti ọdún 2023 wà ní Nàìjíríà. Nọ́ńbà ilé ìtura náà ni kí ẹ fún àlejò, kó pè wọ́n fúnra rẹ̀.

Wàyí o, ìkọ̀wé. Kí ìdáhùn ti hàn nínú àkọlé ímeèlì, kí ọjọ́ sì wà níbẹ̀. Ìwà ọmọlúàbí máa ń mú wa sọ pé “ẹ jẹ́ ká wò ó ná” nígbà tí a mọ̀ pé kò sí. Àlejò lè gbà á sí ìrètí, kó lọ sanwó ọkọ̀. Ẹ sọ pé kò sí yàrá ní gbólóhùn tó tẹ̀ lé ìkíni. Ẹ bẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan, ó ti tó. Ẹ má dárúkọ onígbèéyàwó.

Bí tèmi ṣe máa rí nìyí:

Àkọlé: Yàrá ti kún ní 16–18 oṣù Kẹwàá, 9–11 àti 23–25 ṣì wà

Ẹ kú àárọ̀ o, sà. Ẹ ṣeun tí ẹ rántí wa.

Ó dùn wá pé gbogbo yàrá wa ti kún ní òru Jímọ̀ 16 àti Sátidé 17 oṣù Kẹwàá, nítorí ayẹyẹ kan.

Yàrá méjì wà fún yín ní Jímọ̀ 9 sí Àìkú 11, tàbí Jímọ̀ 23 sí Àìkú 25 oṣù Kẹwàá, ní iye owó tí ẹ ti rí tẹ́lẹ̀. A ti fi méjèèjì pa mọ́ dè yín títí di agogo mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀. Ẹ kàn fèsì pé “9” tàbí “23”.

Bí ọjọ́ yín kò bá ṣeé yí, ilé ìtura kan wà ní Òmù-Àrán tó súnmọ́ Èsìẹ́ ju ọ̀dọ̀ wa lọ. A pè wọ́n láàárọ̀ yìí, wọ́n ní yàrá méjì ṣì wà. Orúkọ àti nọ́ńbà wọn wà nísàlẹ̀. Ẹ bá wọn sọ̀rọ̀ ní tààrà, nítorí a kò gba yàrá náà sílẹ̀ fún yín.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má tíì san owó kankan sí àpò wa fún ọjọ́ 16.

Gbólóhùn tó kẹ́yìn yẹn ṣe pàtàkì bí nọ́ńbà àpò owó yín bá wà lójú ìkànnì, nítorí àwọn kan máa ń sanwó kí wọ́n tó gba èsì. Bó bá ti san án, ẹ kọ ọjọ́ tí ẹ máa dá a padà.

Bí ẹ bá ń ṣe àdàkọ lẹ́tà àtijọ́, ẹ yẹ ìkíni àti gbogbo ọjọ́ wò pẹ̀lú kàlẹ́ńdà. “Jímọ̀ 17” nínú oṣù tí 17 bọ́ sí Sátidé á fa ìfèsì mẹ́ta tí kò yẹ kó wáyé.

Bí ẹ bá ti fi í ránṣẹ́ tán, ẹ kọ “a fi pa mọ́, títí di Ọjọ́bọ̀ 6 ìrọ̀lẹ́” sẹ́gbẹ̀ẹ́ yàrá méjì náà nínú ìwé, ní ọ̀sẹ̀ méjèèjì, kí ẹni tó gba iṣẹ́ lọ́wọ́ yín lálẹ́ má baà fi wọ́n fún ẹlòmíì. Bó bá mú 23, ẹ pa 9 rẹ́ lójú ẹsẹ̀. Bí agogo mẹ́fà Ọjọ́bọ̀ bá lù tí ẹ kò gbọ́ nǹkan kan, ẹ fi ìlà kan ránṣẹ́ pé ẹ ti tú yàrá náà sílẹ̀, kí ẹ sì tú u sílẹ̀ lóòótọ́.