Oníbàárà ra ọjà púpọ̀, ó wá ń béèrè ọjọ́: ìbéèrè àti ìdáhùn láàárín àwa aláró Òṣogbo

“Ẹnì kan ṣẹ̀ṣẹ̀ ní kí n ṣe àdìrẹ ìdì 60. Ṣé kí n dúpẹ́ báyìí ni, àbí kó kọ́kọ́ sanwó?”

Ẹ dúpẹ́ lónìí. Ẹ dárúkọ irú ọjà náà àti iye rẹ̀ nínú ọpẹ́ ọ̀hún, kí àṣìṣe tètè hàn. Gbólóhùn méjì ti tó. Àdúrà gígùn kì í sọ iye ìdì.

“Mo ti dúpẹ́, mo ti ṣàdúrà, síbẹ̀ ojoojúmọ́ ló ń pè: ‘Ibo lẹ bá iṣẹ́ dé?’”

Ẹ ò dá ọjọ́ fún un ni. “Láìpẹ́” kì í ṣe ọjọ́. “Lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀” náà kì í ṣe ọjọ́. Bí mo ṣe ń sọ èyí látọdún yìí, ẹnu ti fẹ́ bó.

“Mo dá ọjọ́ fún un o. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo sọ. Kò tíì pé lójú tèmi, ó ti ń bínú.”

Ibi tí èmi náà ti jẹ ìyà nìyí, ẹ jẹ́ kí n rò ó.

Ìyá kan ní Ìbàdàn fẹ́ àdìrẹ alábẹ̀là fún aṣọ ẹbí ìgbéyàwó ọmọ rẹ̀. Ìdì 80 ni, yáàdì márùn-ún nínú ìdì kọ̀ọ̀kan. Ọjọ́ Ẹtì, 27 oṣù kẹfà, ló pè mí. Inú mi dùn débi pé kí n tó jókòó ni mo ti fèsì: “Ẹ ṣeun gan-an mà, ẹ ó fi ọmọ jọmọ. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni, kò ní yẹ̀.”

Ìyá ka ọ̀sẹ̀ mẹ́ta láti ọjọ́ yẹn, ó bọ́ sí 18 oṣù keje. Èmi ní tèmi ń retí owó ìdajì kí n tó ra aṣọ funfun, Ọjọ́rú, ọjọ́ 2, ni owó náà tó wọlé. Síbẹ̀ n kò lè fọwọ́ kan nǹkan, torí ìyá ṣì ń ṣe iyèméjì láàárín àpẹẹrẹ àwọ̀ méjì tí mo fi ránṣẹ́. Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ 7, ló tó mú ọ̀kan. Lọ́kàn mi, ọjọ́ yẹn ni ọ̀sẹ̀ mẹ́ta bẹ̀rẹ̀, ó sì bọ́ sí ọjọ́ 28. Sátidé ọjọ́ 26 sì ni ìgbéyàwó!

Kò sẹ́ni tó parọ́ nínú wa. Láàárọ̀ ọjọ́ 18 ni ìpè rẹ̀ wọlé: “Mọ́tò wo lẹ kó o sí?” Aṣọ wà lórí okùn lẹ́yìnkùlé mi, omi ń ro tótó lára rẹ̀. Oṣù keje ni, òjò ò sì bẹ̀bẹ̀. Aṣọ tí oòrùn ẹ̀ẹ̀rùn ń gbẹ láàárín wákàtí díẹ̀ lè lo ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta nígbà òjò. Ọdún Ọ̀ṣun tún ń bọ̀ lóṣù kẹjọ, iṣẹ́ kún ọwọ́ gbogbo aláró, n kò rẹ́ni bá mi tẹ ọ̀pọ̀ àbẹ̀là.

Ìdì 50 kúrò lọ́dọ̀ mi lọ́jọ́ 21. Ìdì 30 tó kù dé ọwọ́ rẹ̀ ní Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ 24. Èmi rò pé mo yege, àfi ìgbà tí wọ́n sọ fún mi pé télọ̀ ò rí àyè rán ìdì 30 yẹn. Wọ́n ró o mọ́dìí bí ìró lásán lọ sóde. Ìyá sanwó rẹ̀ pé, ṣùgbọ́n kò pè mí mọ́.

Ní báyìí, bí irú iṣẹ́ yẹn bá tún dé, ohun tí mo máa kọ sí i lórí Wásáàpù nìyí:

“Ẹ ṣeun púpọ̀, mà, fún àdìrẹ alábẹ̀là ìdì 80, yáàdì márùn-ún-márùn-ún, tí ẹ ní ká bá yín ṣe. Bí owó ìdajì bá wọlé, tí ẹ sì mú àwọ̀ kan nínú àpẹẹrẹ kó tó di ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́ Ajé, 30 oṣù kẹfà, iṣẹ́ á bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ kejì. Ìdì 40 á kúrò ní Òṣogbo ní Ọjọ́ Ẹtì, 11 oṣù keje. Ìdì 40 tó kù á kúrò ní Ọjọ́ Ẹtì, 18. Bí owó tàbí àwọ̀ bá fi ọjọ́ kan pẹ́, àwọn ọjọ́ yìí náà á fi ọjọ́ kan sún síwájú. Ẹ jọ̀ọ́, ọjọ́ wo ni télọ̀ fẹ́ gbà á?”

Bí mo ṣe ṣírò rẹ̀ nìyí. Àwa méjì la ń tẹ àbẹ̀là, ìdì mẹ́wàá là ń rí tẹ̀ lójúmọ́, a kì í ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ Ìsinmi. Nítorí náà, ọjọ́ mẹ́jọ ni títẹ̀ nìkan, ó parí lọ́jọ́ 9. Bí 40 àkọ́kọ́ bá ti tẹ̀ tán, a ti ń rẹ ẹ́ láró, a ń fi omi gbígbóná yọ àbẹ̀là rẹ̀, a ń sá a. Mo fi ọjọ́ mẹ́ta sílẹ̀ fún òjò, n kò sì sọ fún oníbàárà pé mo fi í sílẹ̀, torí yóò ní kí n yọ ọ́ kúrò. Ìbéèrè télọ̀ ló wá ṣe pàtàkì jù níbẹ̀. Ọjọ́ òde kọ́ ni ọjọ́ tí wọ́n nílò aṣọ.

“Mo ti fi ránṣẹ́, ó ní òun ò rí nǹkan kan.”

Ẹ fi nọ́ńbà mọ́tò, nọ́ńbà fóònù awakọ̀, iye àpò àti fọ́tò àpò náà ránṣẹ́ sí i kí mọ́tò tó kúrò ní gáréèjì. Ẹ kọ orúkọ oníbàárà sára àpò gàdàgbà.

“Òjò ti ba ọjọ́ tí mo dá jẹ́. Ṣé kí n dákẹ́ kí n máa sáré?”

Rárá. Ẹ sọ ọ́ lọ́jọ́ tí ẹ mọ̀ ọ́n, pẹ̀lú ọjọ́ tuntun àti iye ìdì tó ti gbẹ. Ẹ má sún ọjọ́ lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ kúkú mú èyí tó jìnnà díẹ̀.

“Àwọ̀ ìdì 14 kò dúdú tó ti ìyókù, ọ̀la sì ni mo ní á lọ. Ṣé kí n tún un rẹ?”

Ṣé ó ti gbẹ? Aṣọ tútù máa ń dúdú ju bó ṣe rí lọ, ẹ má fi aṣọ tútù wé gbígbẹ. Bó bá gbẹ tí kò sì dúdú tó ìyókù síbẹ̀, ó lè jẹ́ pé wọ́n gbẹ̀yìn nínú ìkòkò, aró ti rẹ̀.

Bí àbẹ̀là bá ṣì wà lára rẹ̀, a lè tún un rẹ. Bí ẹ bá ti yọ àbẹ̀là, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dán an wò: ibi funfun á gba aró, iṣẹ́ ọnà á pa rẹ́, ìdì 14 á di òkú. Ẹ gbé e lọ bá àgbà aláró kan kí ẹ tó da sódà sómi. Ẹ jẹ́ kí 46 tó dọ́gba lọ lọ́la bí ẹ ti ṣèlérí, kí ẹ sì sọ fún oníbàárà lálẹ́ òní pé 14 ń bọ̀ lẹ́yìn, pẹ̀lú ọjọ́ tí àgbà náà bá fọwọ́ sí.